Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ purotéènì ọ̀sẹ̀ tó kọjá

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú àríyá àná náà.

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀. Ẹ ní áàpù tí ẹ fi ń kọ oúnjẹ yín sílẹ̀ ń parọ́ mọ́ yín, pé kò sí ọjọ́ kan tí ẹran kò sí nínú ọbẹ̀ yín, kí ló wá dé tó fi ń kọ purotéènì gíráàmù 71 lójúmọ́ nígbà tí àdéhùn wa jẹ́ 110? Mo ti yẹ gbogbo àkọsílẹ̀ yín wò, láti ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ àná. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́, ẹran wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ ló kóra jọ sí.

Ohun tí áàpù kọ nìyí, ní gíráàmù: Ajé 84, Ìṣẹ́gun 79, Ọjọ́rú 41, Ọjọ́bọ̀ 82, Ẹtì 88, Àbámẹ́ta 76, Àìkú 47. Ẹ lè fẹ́ sọ pé Ọjọ́rú àti Àìkú ló ba tiwa jẹ́. Òótọ́ ni pé ẹ gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú, àti pé lọ́jọ́ Àìkú, oúnjẹ àárọ̀ nìkan lẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó gba òde ìnáwó lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ méjèèjì kúrò. Ọjọ́ márùn-ún tó kù, tí a bá pín in dọ́gba, 82 ni. 28 ṣì kù. Nítorí náà, kì í ṣe ààwẹ̀, kì í sì í ṣe àríyá.

Nígbà tí mo wá tú ọjọ́ márùn-ún yẹn sí àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, ó di 12, 22 àti 48. Kódà 22 àti 48 yẹn gan-an kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan méjì kan wà nínú bí ẹ ṣe ń kọ ọ́.

Ti àkọ́kọ́ ni adìyẹ alẹ́. Adìyẹ tí ẹ ti sè tán lẹ ń gbé sórí òṣùwọ̀n, ìyẹn sì dára, ṣùgbọ́n adìyẹ tútù lẹ ń mú nínú áàpù. Bí adìyẹ bá ń jiná, omi ń jáde lára rẹ̀, purotéènì kì í bá omi yẹn lọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, lórí ìwọ̀n kan náà, purotéènì inú èyí tó ti jiná máa ń pọ̀ ju ti tútù lọ. Àyà adìyẹ tútù 100 gíráàmù ní purotéènì bíi 22. Tó bá ti jiná, 100 gíráàmù rẹ̀ súnmọ́ 31. Ẹ̀yin ń jẹ 170 tó ti jiná lálẹ́, áàpù kọ 38, ó sì yẹ kó kọ 53. Ẹ rí i pé ó fi 15 jẹ yín ní gbèsè.

Ibi tí ẹ̀yin náà ti jẹ áàpù ní gbèsè ni ọ̀sán. Àmàlà, ewédú, gbẹ̀gìrì, ẹran kékeré kan àti pọ́nmọ́ méjì, bóyá mẹ́ta. Nígbà tí ẹ ò rí pọ́nmọ́ nínú áàpù, ẹ mú ẹran màlúù, ó sì fún yín ní 15 lórí rẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn pọ́nmọ́, èmi náà kì í fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n awọ ni. Purotéènì inú awọ kì í ṣe irú èyí tí iṣan fi ń dàgbà: ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tíríputofáànì, kò sí níbẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ́ fún ẹnu, ẹ má kà á mọ́ 110. Àmàlà ní tirẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ṣe é kà.

15 tí a yọ lọ́sàn-án, 15 tí a fi kún alẹ́: àpapọ̀ ò yẹ̀, 82 náà ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí gan-an ni 12 láàárọ̀, 7 lọ́sàn-án, 63 lálẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí ẹ bá ti kúrò nílé títí tí ẹ ó fi ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Jagun, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà pẹ̀lú àmàlà ni ara ń bá ṣiṣẹ́. Ara kò sì ní ibi tó ń kó purotéènì pamọ́ sí bó ṣe ń kó ọ̀rá. Bẹ́ẹ̀ à ń dín oúnjẹ yín kù kí ikùn lè wálẹ̀. Ẹni tó bá ń dín oúnjẹ kù tí purotéènì rẹ̀ kò tó, iṣan ara rẹ̀ ló máa bá ọ̀rá lọ. Ìdí tí a fi mú gíráàmù 1.6 lórí kílò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú 69 kílò yín, nìyẹn. Mi ò kàn fa 110 yọ látinú afẹ́fẹ́. Ó sì lè jẹ́ ara ohun tó jẹ́ kí ẹ sọ pé ebi máa ń pa yín ní aago mẹ́rin, tí ẹ fi ń ra bísíkíìtì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yípadà kò pọ̀. Láàárọ̀, ẹ fi ẹyin bíbọ̀ méjì kún àkàrà, 12 nìyẹn, kí ẹ sì po wàrà oníyẹ̀fun 30 gíráàmù sínú ẹ̀kọ, ó máa mú bíi 8 wá. Tí wàrà bá ń dà yín nínú rú, ẹ fi ẹyin kẹta dípò, kò ní jìnnà síra. Lọ́sàn-án, kí ẹ sọ fún ìyá olóúnjẹ kó fi ẹja Títù tó tóbi kan rọ́pò pọ́nmọ́. Bí ẹran rẹ̀ bá tó 80 gíráàmù láìka egungun, á fún yín ní bíi 19. Ẹ wá dín adìyẹ alẹ́ kù sí 130, kí owó tó bá ṣẹ́kù lára rẹ̀ lè ra ẹyin. Ó di 32, 26 àti 50. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 108. Mi ò ní bá yín jà lórí 2.

Ọjọ́rú, mi ò fọwọ́ kan ààwẹ̀ yín o. Ẹ ṣáà máa fi ẹ̀wà àti ẹyin ṣínu kó tó kan àdìyẹ alẹ́, kí a sì gbé iṣẹ́ ẹsẹ̀ tí à ń ṣe lọ́jọ́rú lọ sí Ọjọ́bọ̀. Tí ẹ bá lọ síbi àríyá, ẹ fojú díwọ̀n ohun tí ẹ jẹ, kí ẹ kọ ọ́. Ó sàn ju kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Nínú áàpù, ẹ wá adìyẹ tí wọ́n kọ "cooked" sí lára. Mo ti pa pọ́nmọ́ tó wà nínú oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ fi pamọ́ rẹ́, ẹ má fi í padà. Ẹ ya fọ́tò oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la fún mi kí ẹ tó jáde nílé. A jọ máa wọn ara yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ní aago méje, kí ẹ má tíì jẹun o.

Ẹ bá mi kí àwọn ìbejì.