Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi fìrídọ́ọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́ta

Ẹ kú ìjókòó o. Bàbá Alága ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹ kú àpọ́nlé. Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àdúrótì ọmọ. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí kánópì wa dí lọ́nà láti àárọ̀, ẹ má bínú. Mi ò ní í pẹ́. Ebi ń pa èmi náà, mo sì ti ń gbóòórùn ìrẹsì yẹn láti bíi wákàtí kan.

Mutiu, Bùsáyọ̀, Ṣeun, ẹ dìde dúró, kí àwọn èèyàn rí yín.

Ní ọdún 3 sẹ́yìn, àwọn mẹ́ta yìí wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ̀kọ́lá. Wọn ò mọ abẹ́rẹ́ ọwọ́ yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Wọn ò mọ ojú aṣọ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn aṣọ. Ká má parọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ èmi ọ̀gá yàtọ̀ sí ìyá tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí ìyá yẹn ni Mutiu kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, ìyá náà sì jẹ́ ẹ! Lánàá, ẹ̀ ń bèèrè ibi tí wọ́n ń gbà ki òwú. Lónìí, Mutiu ń gé agbádá. Bùsáyọ̀ ń rán ọrùn bùbá, kò ní í sún kì, kò sì ní í là. Ṣeun tó fi ẹkún lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń gba àwọn ọmọ tuntun níyànjú pé kí wọ́n má sunkún mọ́.

Mutiu yára. Bùsáyọ̀ ń rọra. Ṣeun ń bèèrè. Nígbà tí ọ̀ràn wọn ṣì ń sú mi, ńṣe ni mo ń sọ pé èyí tó yára yìí á ba aṣọ jẹ́, èyí tó ń rọra á ba ọjọ́ jẹ́, èyí tó ń bèèrè á sì bà mí létí jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Èyí tó yára ti kọ́ èyí tó ń rọra pé ọdún kì í dúró de télọ̀. Èyí tó ń rọra ti kọ́ èyí tó yára pé ẹni tó wọ aṣọ kì í sọ fún ayé pé kíá ni wọ́n rán an. Èyí tó ń bèèrè sì ti mú kí èmi ọ̀gá mọ̀ pé àwọn nǹkan kan wà tí mò ń ṣe láti ogún ọdún tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ààrò mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo wá bá yín sọ. Ohun tí abẹ́rẹ́ bá rán ṣeé tú. Ohun tí àlùmọ́gàjí bá gé, ó ti gé e. Ohun tí ẹnu bá sọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Nígbà yẹn, mo ti gba fìrídọ́ọ̀mù tèmi, kò tíì ju oṣù mẹ́rin lọ. Ìyá kan gbé léèsì wá, yáàdì 5, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Mo gé ara bùbá, ó dára. Mo gé apá kìíní, ó dára. Mo tún tẹ́ pátánì sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mi ò yí i padà, mo gé apá kejì. Mo gbé méjèèjì sókè: apá òsì méjì! Léèsì yẹn sì lójú, ó lẹ́yìn, kò ṣeé yí dà. Mo wo ìyókù aṣọ, kò tó apá ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ kìíní tí ìyá wá, mo ní iná ò sí. Ọjọ́ kejì, mo ní ara mi ò yá. Ọjọ́ kẹta, mo rí i lókèèrè, mo sá sẹ́yìn kọ́tìnì. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò bú mi, kò pariwo, kò lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ń ro mí, mo jáde, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ìyá wò mí títí. Ó ní, “Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní ni, ǹ bá ti ra yáàdì kan kún un ní Gbági. Ó ti tán lọ́jà báyìí.”

Yáàdì kan péré. Àlùmọ́gàjí ló ba léèsì jẹ́, ẹnu mi ló ba orúkọ mi jẹ́. Kò gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ mi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, tí kọ́sítọ́mà bá ti gbé aṣọ lé yín lọ́wọ́: ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ rẹ̀. Ẹ sọ iye rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kì í ṣe nígbà tí aṣọ bá ti wà lọ́rùn wọn. Ẹ sọ ọjọ́ tí ọwọ́ yín ká, kì í ṣe ọjọ́ tó máa dùn mọ́ wọn nínú. Mo mọ̀ wá, èmi náà wà níbẹ̀: Iléyá ku ọ̀la, aṣọ ogún ènìyàn wà nínú àpò, a ò tíì gé ọ̀kan, a ó sì máa wí pé “ó ku bọ́tìnnì nìkan.” Bàbá Alága ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́, sà?

Ṣeun bi mí léèkan pé ṣé iṣẹ́ yìí lè gbé èèyàn débì kankan. Màmá Ṣadé Thomas-Fahm lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Òyìnbó ní 1953, iṣẹ́ aránṣọ ló gbé bọ̀ wálé ní 1960. Gèlè tí à ń wé pẹ́ lójú dígí, ó rán an sílẹ̀ kí a kàn máa dé e bíi fìlà. Ìró tó ń tú lójú agbo, ó fi síìpù sí i. Kò pa aṣọ ìyá rẹ̀ tì, kò fi ti Òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀, ó tún un dá. Ṣeun, ṣé mo ti dá ọ lóhùn?

Lánàá, bí ẹ bá gé e kù, èmi ni mò ń bẹ kọ́sítọ́mà. Láti ọ̀la, ẹ̀yin lẹ ó máa bẹ̀ ẹ́. Lánàá, orúkọ mi ló wà lára pátákó. Láti ọ̀la, tiyín ni. Ẹ wá lọ́wọ́ òfo, ẹ ń lọ tòun tiṣẹ́. Ọmọṣẹ́ lẹ wọlé, ọ̀gá lẹ jáde.

Àlùmọ́gàjí mẹ́ta wà nínú àpò yìí. Mo ti pọ́n wọn, mo ti fi òróró sí wọn, mo ti fi gé etí aṣọ àǹkárá kan wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gé bébà o. Ṣeun, ìwọ lo kéré jù, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wá gba tìẹ. Wá gbà á ná, kí o tó bèèrè ìdí.