Lẹ́tà sí Agbaṣẹ́ṣe: Ìdí tí N Kò Fi Lè Fọwọ́ sí Ìwé Ẹ̀rí Ìsanwó Kẹrin

Àkóbọ̀, Ìbàdàn,
Ọjọ́ 16, oṣù Kẹfà, 2025.

Sí Olùdarí Iṣẹ́,
Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ alájà méjì,
Àkóbọ̀, Ìbàdàn.

Ọ̀gá,

ÌWÉ Ẹ̀RÍ ÌSANWÓ KẸRIN: ÀKỌSÍLẸ̀ ÀYẸ̀WÒ KÒ PÉ

Ẹ kú iṣẹ́. Ìwé tí ẹ kọ ní ọjọ́ 9 oṣù yìí ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, tòun ti fáìlì àyẹ̀wò tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí n jẹ́rìí sí dẹ́kì àkọ́kọ́, àwọn òpó tó wà lórí rẹ̀ àti dẹ́kì kejì, kí onílé lè sanwó. Mo ka fáìlì náà láti òkè dé ilẹ̀. N kò lè fọwọ́ sí i báyìí. Ìpìlẹ̀ àti àwọn òpó ìsàlẹ̀ tí mo ti jẹ́rìí sí tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tiwọn pé.

Ẹ jẹ́ kí n mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Dẹ́kì àkọ́kọ́, tí ẹ dà ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta. Kúúbù kọnkéré mẹ́fà ni ẹ ṣe fún àyẹ̀wò. Ilé àyẹ̀wò fi ẹ̀rọ fọ́ mẹ́ta ní ọjọ́ keje, wọ́n sì fún wa ní 21.3, 20.8 àti 21.9 N/mm². Ìyẹn dára fún ọmọ ọjọ́ méje, nítorí C25/30 ni kọnkéré wa, 30 N/mm² ni kúúbù sì gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n mẹ́ta yòókù, tó yẹ kí wọ́n fọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin, kò sí ìwé kankan lórí wọn. Bí kọnkéré ṣe ń le sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní wà lọ́wọ́ irú símẹ́ńtì, omi tí a pò mọ́ ọn àti bí a ṣe rin ín. N kò lè fi èsì ọjọ́ méje búra fún ti ọjọ́ 28.

Àwọn òpó, tí ẹ dà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. Ìwé wà fún èyí, ìwé náà gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kúúbù fọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin, wọ́n sì pè é ní èsì ọjọ́ 28. Ọjọ́ 21 péré ló wà láàárín méjèèjì. Ní ìlà kejì, agbára tí ẹ̀rọ fi tẹ kúúbù jẹ́ 612 kN, wọ́n sì kọ 31.4 N/mm² sí iwájú rẹ̀. Ojú kúúbù onímìlímítà 150 jẹ́ 22,500 mm². Ẹ pín in fúnra yín:

```
612000 N / 22500 mm² = 27.2 N/mm²
```

31.4 yẹn kò wá láti inú ẹ̀rọ. Kúúbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọn kílógíráàmù 8.12 láìsí ìyàtọ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ kúúbù tí a fi ọwọ́ gún kì í sábà bára dọ́gba tó bẹ́ẹ̀. Mo ń fẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó wà nílé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ kúúbù. Ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ kò tó.

Dẹ́kì kejì, tí ẹ dà ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, ló kó mi lọ́kàn sókè jù. Kò sí kúúbù kan rárá. Ìwé yín sọ pé wọ́n fọ́ lójú ọ̀nà sílé àyẹ̀wò. Ọkọ̀ kọnkéré márùn-ún ló wá lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé ojúmọ́ tí aṣojú mi ń kọ, àyẹ̀wò bí kọnkéré tútù ṣe ń rọ̀ wálẹ̀ fún ọkọ̀ mẹ́rin wà láàárín mìlímítà 80 sí 100, bí a ṣe béèrè fún un. Ti ọkọ̀ kẹrin jẹ́ 170. Ẹni tó bá ti da kọnkéré rí mọ ohun tí ìyẹn sábà máa ń túmọ̀ sí: wọ́n ti fi omi kún un kí ó lè rọrùn láti tẹ́. Omi tó pọ̀ jù máa ń fi ihò tóóró sílẹ̀ nígbà tó bá gbẹ tán, ibẹ̀ ni agbára ti ń lọ. Ìwé ilé-iṣẹ́ apòkọnkéré tí ẹ so mọ́ ọn sọ ohun tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ nílé wọn. Kò sọ ohun tó wọ inú rẹ̀ lẹ́nu ibi iṣẹ́.

Ẹ sọ nínú ìwé yín pé dẹ́kì náà kò là, kò sì tẹ̀. Òótọ́ ni. Igi ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, kò tíì gbé ẹrù kankan. Dẹ́kì tí igi gbé dúró kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀.

Ti irin. Ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin 16 wà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìyọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò bá èyí tó wà lára àlẹ̀mọ́ ìdìpọ̀ irin mu, kò sì sí èsì àyẹ̀wò fífà kankan. A wọn gígé mítà kan lórí ilẹ̀ ibi iṣẹ́: kílógíráàmù 1.46. Irin 16 yẹ kó jẹ́ 1.58, àyè tí ìlànà irin BS 4449 sì fi sílẹ̀ kò ju 4.5% lọ, ìyẹn ni pé kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 1.51. Gígé kan kò tó láti dá ẹjọ́, àmọ́ ó tó láti béèrè.

Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ omi kò ní wákàtí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Kò ní gbà ju àárọ̀ kan lọ.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí, kí ó sì tẹ̀ mí lọ́wọ́ kí ọjọ́ 30 oṣù yìí tó pé. Fún dẹ́kì àkọ́kọ́, bí ilé àyẹ̀wò bá ní ojúlówó èsì ọjọ́ 28, tó ní ọjọ́, agbára ẹ̀rọ àti ọwọ́ ẹni tó fọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ parí. Bí kò bá sí, a ó gé kọ́ọ̀ mẹ́ta jáde lára dẹ́kì fúnra rẹ̀, kí a lè fọ́ wọn wò. Fún dẹ́kì kejì, a kò lè yẹra fún gígé: mẹ́ta níbi tí ọkọ̀ kẹrin dà sí, mẹ́ta níbòmíràn. Kí fífẹ̀ kọ́ọ̀ jẹ́ mìlímítà 100, kí a sì gé e kúrú sí 100 kí èsì rẹ̀ lè ṣeé fi wé ti kúúbù. Ẹ fi ẹ̀rọ wá irin kí ẹ tó lu ihò kankan, ẹ má gé irin, ẹ sì fi àpòpọ̀ tí kì í súnkì dí ihò náà. Àròpín mẹ́ta kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 25.5 N/mm², ẹyọ kan kò sì gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju 22.5. Fún àwọn òpó, ẹ fi òòlù àtapadà, tó ń fi bí ó ṣe ta padà lára kọnkéré sọ bí ojú rẹ̀ ṣe le tó, yẹ gbogbo wọn wò ná kí a lè mọ èyí tó rẹlẹ̀. Òòlù yẹn yóò fi ibi tí a ó ti gé hàn wá, kò lè rọ́pò gígé. Ti irin, ẹ fa gígé mẹ́ta mẹ́ta fún 16 àti 12 nílé àyẹ̀wò tí èmi náà fọwọ́ sí, níṣojú aṣojú mi.

Títí di ìgbà náà, ẹ má yọ igi kankan lábẹ́ dẹ́kì kejì. Ẹ má kó búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀, ẹ má sì gbé táǹkì lítà 10,000 yẹn gùn ún: omi inú rẹ̀ nìkan jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá. Iṣẹ́ rírẹ́ nísàlẹ̀ àti iṣẹ́ ìta lè máa lọ.

Owó àyẹ̀wò tí àìpé àkọsílẹ̀ fà wà lọ́rùn yín, gẹ́gẹ́ bí ìwé àdéhùn ti là á sílẹ̀. Bí èsì bá dára, màá fọwọ́ sí iye tó kàn fún apá kọ̀ọ̀kan bí èsì rẹ̀ bá ti ń dé. Ẹ kò ní láti dúró de gbogbo rẹ̀. Bí èyíkéyìí bá kùnà, a ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kí a tó sọ̀rọ̀ àtúnṣe. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gé kọ́ọ̀ fún mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí aṣojú mi lè wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onímọ̀ Ẹ̀rọ Olùdámọ̀ràn fún iṣẹ́ náà.

Ẹ̀dà: Onílé, aṣojú onímọ̀ ẹ̀rọ níbi iṣẹ́.