Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Lo Géètì Yín Tuntun, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Tún Un Tò Bó Bá Dáṣẹ́ Sílẹ̀

Bàbá Ìbejì, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó géètì. Iṣẹ́ ti parí. Mo ti fi gbogbo rẹ̀ hàn yín lójú ayé, àmọ́ ohun tí a fẹnu sọ nìkan máa ń tètè sá lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lọ́jọ́ tí géètì bá dúró lè mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ kà á fún mégáàdì náà, nítorí òun ló máa lò ó jù.

Ohun tí mo gbé síbẹ̀

Ẹ̀rọ tó ń fa géètì wà lẹ́sẹ̀ òpó apá òsì, nínú ilé rẹ̀ funfun. Ó lágbára láti fa géètì tó wọn kìlógírámù 800. Géètì tiyín kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú èyí tó lágbára jù ú lọ kí ó má baà máa ṣe làálàá. Iná ilé ló ń wọ inú rẹ̀, ẹ̀rọ náà á wá sọ ọ́ di fólítì 24. Bátìrì méjì tí wọ́n kọ 12V 7Ah sí lára wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àwọn ni yóò máa gbé géètì yín ṣí, tí yóò sì máa pa á. Wọn ò wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ o. Bí iná ò bá dé rárá, tí ẹ ò sì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ máa dín lílò rẹ̀ kù, kí ẹ má ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kékeré wà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ojú méjì tó wà lára òpó

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Ẹ ó rí nǹkan dúdú kékeré kọ̀ọ̀kan lára òpó méjèèjì, wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan ń tan iná tí ojú èèyàn kì í rí sí èkejì. Bí èèyàn tàbí ọkọ̀ bá gba àárín wọn nígbà tí géètì ń pa bọ̀, géètì á dúró, á sì padà ṣí. Sẹ̀ǹtímítà 50 ni wọ́n fi ga sókè ilẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ojú yẹn kò rí i. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ọgbọ́n kejì: bí géètì bá gbá nǹkan, ó máa ń padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbá a kí ó tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn ìbejì má ṣe ṣeré lẹ́nu géètì, kí wọ́n má sì dúró sí àyè tóóró tó wà láàárín géètì àti ògiri, níbi tí géètì máa ń rọra wọ́ lọ nígbà tó bá ń ṣí. Àyè yẹn burú ju iwájú lọ, nítorí ojú kankan ò sí níbẹ̀. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ki ìka bọ ibi tí irin eléyín ara géètì ti ń gba orí jíà kọjá. Rìmóòtù kì í ṣe nǹkan ìṣeré, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi pẹ̀tù fọ́mọ tó ń sunkún.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín lọ́jọ́ iwájú pé àwọn ojú yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀, pé kí òun gé wáyà wọn kí géètì lè máa pa dáadáa, ẹ má gbà fún un. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Bí a ṣe ń lò ó lójoojúmọ́

Rìmóòtù mẹ́rin ni mo kó lé yín lọ́wọ́. Bọ́tìnnì 1 ń ṣí géètì pátápátá. Bọ́tìnnì 2 ń ṣí i ní mítà kan péré, fún kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí ẹrù tí ò lè gba ilẹ̀kùn kékeré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Iná òkè òpó á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí géètì tó gbéra. Ìkìlọ̀ ni fún ẹni tó bá wà nítòsí. Ẹni tí kò ní sùúrù á tún tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni títẹ̀ kejì máa ń dá a dúró, ẹ̀ẹ̀kẹta á sì dá a padà síbi tó ti ń bọ̀. Ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí àwọn kan rò pé géètì ti ya wèrè.

Bó bá ṣí tán, yóò ka ìṣẹ́jú àáyá 45, yóò sì pa ara rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọkọ̀ lé e bó bá ti ń pa.

Ọkọ̀ tó ń gbé omi wá ni mo fẹ́ kí mégáàdì ṣọ́ra fún. Ó ga, ó sì gùn, ìtànṣán ojú yẹn sì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, kí géètì rò pé ọ̀nà ti ṣófo. Kí ọkọ̀ omi tó wọlé, kí mégáàdì yí súìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì géètì nínú ilé rẹ̀ sí OPEN. Géètì ò ní pa títí yóò fi yí i padà sí AUTO. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá ní àlejò púpọ̀.

Bí iná àti bátìrì bá tán pátápátá

Kọ́kọ́rọ́ kékeré méjì wà fún títú géètì sílẹ̀. Ọ̀kan wà lára ìṣó kíṣìnnì, èkejì wà lọ́wọ́ mégáàdì. Ẹ ṣí ìdérí kékeré iwájú ẹ̀rọ náà, ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ sì fa ọwọ́ irin rẹ̀ jáde títí yóò fi dúró. Géètì á tú sílẹ̀, ọwọ́ kan lè tì í. Ẹ tì í jẹ́jẹ́, torí irin tó wúwo kì í tètè dúró bó bá ti gbéra.

Ẹ má ṣe ti géètì tipátipá láìtú u. Jíà inú ẹ̀rọ ló máa fọ́, owó rẹ̀ ò sì kéré.

Tí iná bá dé, ẹ ti ọwọ́ irin náà padà, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ sì rọra mi géètì síwá sẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó ró kọ́. Ó ti di mú nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ẹ̀rọ á máa kùn, géètì ò ní mira, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Kí ẹ tó rìsẹ́ẹ̀tì ohunkóhun

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣe bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà lábẹ́ ìdérí funfun. Ẹ kọ́kọ́ wo bréékà tí mo kọ GATE sí, bóyá ó ti já. Bí géètì bá ń ṣí ṣùgbọ́n tó kọ̀ tí kò pa, ẹ nu ojú méjèèjì pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ: eruku ọyẹ́ tàbí òwú alántakùn ti tó láti dí i lójú, ewé tó fì síwájú rẹ̀ náà sì tó. Bó bá ń dúró lójú kan náà nígbà gbogbo, òkúta tàbí iyẹ̀pẹ̀ tí òjò wọ́ wá ti wà lórí réèlì níbẹ̀, ẹ gbá a kúrò. Bí rìmóòtù kan nìkan ni kò ṣiṣẹ́ tí àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́, bátìrì inú rẹ̀ ló tán. CR2032 lorúkọ rẹ̀, ẹ ó rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe.

Rìsẹ́ẹ̀tì

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sinmi. Ẹ sọ bréékà GATE kalẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí funfun, kí ẹ sì yọ ẹnu wáyà bátìrì, nítorí bí ẹ bá pa iná ilé nìkan, bátìrì ṣì ń fún un lágbára. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ dá ẹnu bátìrì padà, ẹ dé e, kí ẹ tó gbé bréékà sókè. Èyí kì í pa rìmóòtù rẹ́. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí iná bá ti ṣe ségesège.

Ìkejì wà fún ìgbà tí géètì ò bá mọ ibi tó yẹ kó dúró sí mọ́:

1. Ẹ tú géètì sílẹ̀, ẹ tì í dé àárín ọ̀nà, kí ẹ dá ọwọ́ irin padà.
2. Ẹ lé gbogbo èèyàn kúrò lọ́nà.
3. Ẹ di bọ́tìnnì SET mú lórí bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, títí iná pupa yóò fi máa ṣẹ́jú.
4. Ẹ gbọ́wọ́. Géètì á rọra pa, á ṣí dé òpin, á tún pa. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí iná pupa yóò fi kú.

Bó bá kọ́kọ́ ṣí dípò kí ó pa, ẹ sọ bréékà kalẹ̀, kí ẹ pè mí.

Ìkẹta ni pípa gbogbo rìmóòtù rẹ́. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí rìmóòtù bá sọnù tàbí tí wọ́n jí i, ẹ má sì jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì. Ẹ di bọ́tìnnì LEARN mú lórí bọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí iná pupa yóò fi kú. Kò sí rìmóòtù tó mọ géètì yín mọ́ báyìí. Láti kọ́ ọ ní àwọn tó kù, ẹ tẹ LEARN lẹ́ẹ̀kan, iná á tàn. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ tẹ bọ́tìnnì 1 rìmóòtù náà lẹ́ẹ̀mejì. Iná á ṣẹ́jú, ó ti gbà á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ rìmóòtù wọ̀nyí ni nọ́ńbà tó ń fi ránṣẹ́ máa ń yí padà, ẹni tó bá gbà á sílẹ̀ níta kò lè fi ti àná ṣílẹ̀kùn lónìí. Ààbò yẹn ò sì wúlò bí rìmóòtù gan-an bá wà lọ́wọ́ olè.

Ìtọ́jú

Kí mégáàdì máa gbá réèlì láràárọ̀ lásìkò òjò. Ẹ má fi gírísì sí irin eléyín o, iyẹ̀pẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì máa jẹ eyín rẹ̀. Alángbá àti èèrà fẹ́ràn inú ilé ẹ̀rọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ti dí ihò wáyà, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣí i wò lóṣooṣù lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ bréékà kalẹ̀. Ẹ máa retí láti pààrọ̀ bátìrì méjèèjì lẹ́yìn bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, ẹ má fi tuntun mọ́ ògbólógbòó.

Nọ́ńbà mi wà lẹ́yìn ìdérí funfun. Bí ẹ bá ń pè mí, ẹ dúró síwájú bọ́ọ̀dù, kí ẹ sọ fún mi bóyá iná pupa ń tàn, ń ṣẹ́jú, tàbí ó ti kú.