Orúkọ tuntun fún èlùbọ́, láfún àti gàrí yín: ìpele kejì

Sí Màmá wa, ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́, ọjà Oyíńgbó.

Ẹ kú ọjà o, Màmá, ẹ sì kú ìnáwó ẹ̀rọ ìlọ̀ tuntun. A ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa àwọn orúkọ tí a kọ́kọ́ kó wá: "Ó gùn jù, ó tún dà bíi ti òyìnbó. Ẹni tó ń ra gàrí lọ́wọ́ mi kò ní lè pè é." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Gbogbo orúkọ inú ìwé àkọ́kọ́ ni a ti kó kúrò nílẹ̀. A ò gé wọn kúrú, torí gígé kò lè wò wọ́n sàn.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, Verdant Hearth Provisions. Tí obìnrin tó wá ra láfún bá fẹ́ pè é, ó di Fẹ́dántì Háàtì Purofíṣọ̀nsì. Sílébù mọ́kànlá nìyẹn. Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í to méjì pọ̀ láìsí fáwẹ́lì láàárín, nítorí náà ẹnu yóò máa fi fáwẹ́lì dí gbogbo àlàfo náà. Ohun tó jẹ́ kí orúkọ náà dà bíi ti òyìnbó náà ló jẹ́ kó gùn. Ọ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀sùn méjèèjì tí ẹ mú wá.

Lọ́tẹ̀ yìí, sílébù mẹ́ta la fi ṣe ìdíwọ̀n, mẹ́rin tó bá pọ̀ jù. Lẹ́tà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mọ́kànlá lọ, àlàfo pẹ̀lú. A ò dédé mú mọ́kànlá o. Tí ẹ bá fẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn oníbàárà pé ọjà tuntun ti dé, ibi tí orúkọ olùránṣẹ́ máa ń hàn kò gba ju lẹ́tà mọ́kànlá lọ. Orúkọ tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ yóò gé, oníbàárà kò sì ní mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ìdánwò kẹta ló le jù, òun ló sì da orúkọ púpọ̀ nù. Àwọn ènìyàn kì í tẹ àmì ohùn lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé báǹkì kì í tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà a bọ́ àmì kúrò lára orúkọ kọ̀ọ̀kan, a sì bi ara wa léèrè: kí ni ẹni tí kò mọ̀ wá rí máa kà níbẹ̀? Orúkọ Yorùbá kúkúrú lè dára lẹ́nu kó sì bàjẹ́ lójú ìwé, ó sì yẹ kí ẹ rí àwọn tó ṣubú, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má baà tún gbé wọn wá.

Kúnná ni gbogbo wa kọ́kọ́ fẹ́. Èlùbọ́ tó kúnná ni ẹ ń tà, sílébù méjì péré ni. Ṣùgbọ́n Kuna ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò tẹ̀, ẹni tó bá sì rí Kuna yóò kà á sí kùnà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ìyẹn sára oúnjẹ tó ń tà.

Òṣùwọ̀n bá ìwà yín mu, torí gbogbo Oyíńgbó ló mọ̀ pé ẹ kì í fi àtàńpàkò sínú kóńgò. Bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, ó di Osuwon, ojú á sì kà á pé ó sú wọn. Orógùn, igi tí a fi ń ro ọkà, lè di orogún, kò sì sí ìyàwó ilé tó fẹ́ gbé orogún wọ ilé ìdáná rẹ̀. Ìdáná fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ yege, nítorí bí wọ́n bá kà á sí ìdána ìyàwó, ayọ̀ náà ni. Ọ̀nà kẹta tí wọ́n lè gbà kà á ló bà á jẹ́: ìdánà, iṣẹ́ àwọn tó ń dá ènìyàn lọ́nà. A fi sílẹ̀.

Mẹ́ta ló kù.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ mú ni Ìgbákọ. Sílébù mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́fà. Tí a bá bọ́ àmì rẹ̀ kúrò, Igbako, a ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè dà. Ìgbákọ ló ń bu àmàlà láti inú ìkòkò sínú abọ́, òun náà ló sì ń fún un ní ìrísí róbótó tó máa ń dán. Òun ni ohun tó kẹ́yìn tó kan oúnjẹ kó tó dé iwájú olówó rẹ̀. Kò sọ pé èlùbọ́ ni, kò sọ pé gàrí ni, nítorí náà tí ẹ bá fi ẹ̀wà tàbí ògì kún un lọ́dún tó ń bọ̀, orúkọ náà kò ní há mọ́ yín lọ́rùn. Ó rọrùn láti yà pẹ̀lú: ìlà tó tẹ̀ kan fún abọ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́ rẹ̀, ẹni tí kò lè kàwé á sì nawọ́ sí i nínú ọjà. Àwọn oníbàárà yín tó jẹ́ Ígbò ní gb nínú èdè tiwọn, kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn Haúsá Máìlì 12 lè pè é ní Ibako. A ó ṣì mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Àléébù tí a rí ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó kéré ní ọjọ́ orí ń pe gbogbo ẹ̀ ní síbí. Àwòrán tó wà lára láílọ́ọ̀nù yóò kọ́ wọn.

Ààrò ni ìkejì. Lẹ́tà mẹ́rin péré, sílébù mẹ́ta. Ohun tó dùn mọ́ wa nínú rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe kà á, ó dára: ààrò tí a ń gbé ìkòkò kà, àárọ̀ kùtùkùtù, tàbí àárò ilé tó ń sọ ọmọ tó wà lókè òkun. Ẹni tó ń kó èlùbọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù á rà á nítorí orúkọ yẹn nìkan. Kí ló wá dé tí a ò fi ṣe é ní àkọ́kọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbàgbé a kan, ó di Aro, ọmọ Èkó tó bá sì gbọ́ Aro, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta ló máa wá sí i lọ́kàn. Ní mọ́tò, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹ bá mú un, ẹ gbọdọ̀ máa kọ a méjèèjì níbi gbogbo, láti orí pátákó dé orí rìsíìtì.

Ìkẹta ni Kóńgò Kún. Sílébù mẹ́rin, lẹ́tà mẹ́jọ àti àlàfo kan. Láìsí àmì pàápàá, ọ̀rọ̀ méjèèjì di ara wọn mú, kò sí bí ènìyàn ṣe máa ṣì í kà. A fẹ́ràn rẹ̀ fún pátákó ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ a kọ̀ ọ́ fún láílọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Kóńgò ń wọn bí ọjà ṣe kún tó. Ara láílọ́ọ̀nù, ìwúwo ni a ń kọ, kílò kan tàbí méjì. Kóńgò gàrí àti kóńgò láfún kì í wúwo bákan náà. Oníbàárà á ra kílò kan tí a kọ Kóńgò Kún sí lára, á lọ dà á sínú kóńgò nílé, tí kò bá wá kún, orúkọ tí ẹ fúnra yín kọ ni yóò fi mú yín. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kóńgò jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ọjà, ẹ ò lè dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti lò ó.

Tí ẹ bá ti yan ọ̀kan, ẹ fi ìkejì ti í lẹ́yìn, torí CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, lè má gba àkọ́kọ́, a ó sì nílò àfirọ́pò. Kí a tó san kọ́bọ̀, a ó wò ó lórí ìkànnì CAC bóyá ẹnì kan ti gba èyí tó jọ ọ́. Kì í ṣe Igbako Foods nìkan la máa wá; a ó wá Igbako lásán, nítorí pé fífi Foods tàbí Ventures kún orúkọ ẹlòmíràn kì í sọ ọ́ di tuntun lójú wọn. Tí wọ́n bá gbà, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ń pa orúkọ mọ́ de ènìyàn. Ẹ rí i pé owó ìforúkọsílẹ̀ wà nílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ má baà lọ lórí òfo.

Ìwé CAC kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti kọ Ìgbákọ sára èlùbọ́ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń kábàámọ̀ nìyẹn. Àmì-ìdánimọ̀ ọjà, tí òyìnbó ń pè ní trademark, ló ń ṣe ìyẹn, Àbújá ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Nínú ìsọ̀rí ọjà tí wọ́n ń lò, Kíláàsì 30 ni ìyẹ̀fun bọ́ sí, ibẹ̀ la ó fi èlùbọ́, láfún àti gàrí sí. Ọdún méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ènìyàn, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá ni a ń tún un ṣe. Orúkọ tí ẹ bá kọ sínú ìwé NAFDAC gbọdọ̀ bá ti ara láílọ́ọ̀nù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ má tíì gbé fọ́ọ̀mù wọn.

Ní ti ìtẹ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ sìlíńdà, irin róbótó tí wọ́n fi ń tẹ láílọ́ọ̀nù, fún yín báyìí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní sìlíńdà tirẹ̀. Tí orúkọ bá yí padà, gbogbo sìlíńdà tí orúkọ wà lára rẹ̀ ni ẹ ó tún san owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ sítíkà igba ní Ṣómólú, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ láílọ́ọ̀nù funfun lásán, kí ẹ fi tajà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó yà á gbọdọ̀ sọ lẹ́tà di àwòrán kó tó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé, torí bí ẹ̀rọ atẹ̀wé kò bá ní irú lẹ́tà yẹn, àmì orí á fò, ọ a sì di o tàbí àpótí òfìfo. Kí ẹ fojú ara yín wo ẹ̀dà kan, kí ẹ fọwọ́ tọ́ka sí àmì ìsàlẹ̀ ọ, kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ẹ ní kí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa tẹ́tí sí bí àwọn oníbàárà ṣe ń pe orúkọ nígbà tí wọ́n bá padà wá. Tí wọ́n bá ṣì ń sọ pé "ẹ fún mi ní oní-sítíkà yẹn", kò tíì wọlé. Ẹ tún ní kí ẹnì kan pè yín láti abẹ́ afárá Ojúẹ́lẹ́gbà, kó sọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ariwo ọkọ̀, kí ẹni tó gbé fóònù sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa bó ṣe wà, ẹ má tún un kọ.

A ń retí orúkọ àkọ́kọ́ àti àfirọ́pò títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ lè fi ohùn sọ ọ́ lórí Wasáàpù, ìyẹn gan-an ló dára jù, torí a fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu yín.

Àwọn ọmọ yín tó ń bá yín wá orúkọ, Yábàá.