Táyà Ọnọrébù

Ọdún 2023 ni, oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí gbogbo wa n'Ìbàdàn ń fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ dé Mọ́kọ́lá bí ẹni tí dókítà ní kó máa ṣeré ìdárayá. Kánsílọ̀ wa ní ká pàdé òun laago mẹ́wàá. Aago kan àbọ̀ ló yọjú, agbádá funfun, ọmọ méjì lẹ́yìn, ọ̀kan ń gbé fóònù, èkejì náà ń gbé fóònù.

Ẹ má pè é ní kánsílọ̀ o, kò ní dáhùn. Ọnọrébù Dókítà ni. Dókítà kí ni, ẹ má bi mí.

Kó kàn sọ pé ẹ má bínú mo pẹ́, ó tán. Rárá o. Ó gba máìkì: "Táyà ló jò lọ́nà! Èmi fúnra mi ni mo bọ́ agbádá, mo jáàkì mọ́tò, mo pààrọ̀ ẹ̀, nítorí tiyín!"

La bá pàtẹ́wọ́. Ìyá alákàrà tiẹ̀ ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ ò ní rírú ẹ̀ mọ́. Ó wá bọ́ sórí ìrẹsì paliétíìfù, pé kò tíì dé wọ́ọ̀dù wa rárá, pé òun ò tíì fojú kan hóró kan.

Bàbá fọkanáísà wa wà níjókòó, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Ọnọrébù tó o. Àánú ẹ̀ ṣe é, ó ní kí ọkùnrin yìí má lọ máa rìn láìní sípíà, ó yọ́ jáde kó lọ bá a lẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n le gbagidi. Á jẹ́ pé èyí tó jò wà ní búùtù nìyẹn. Ó jí dírẹ́bà tó ń hanrun, ìyẹn ò tiẹ̀ lajú tán tó fi fa búùtù sílẹ̀.

Ṣe la gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́nu géètì, àpò ìrẹsì kan léjìká:

"Ọnọrébù, mi ò rí táyà yẹn o! Ìrẹsì lẹ kó lé e lórí, àpò mẹ́fà, wọ́n kọ wọ́ọ̀dù wa sí i lára. Ṣé kí n sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀?"

Máìkì ṣì wà lẹ́nu Ọnọrébù. Ohun tó jáde níbẹ̀ ò ju "ẹ̀n... ẹ̀n..." lọ. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìyá alákàrà ti rán ọmọ nílé lọ mú kóńgò wá.

Nígbà tá a pín in tán, dírẹ́bà náà na abọ́, a sì wọ̀n fún un. Ọnọrébù wọ mọ́tò, mọ́tò ò lọ. Mi ò mọ ẹni tó yọ afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì tẹ̀yìn, ẹ má wojú mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, táyà ti jò."

Bàbá ń di ìrẹsì ẹ̀ sínú fìlà. "Ẹ bọ́ agbádá, sà. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n jáàkì."