Ètò Ẹ̀kọ́ Eré Ìdárayá fún Pírámárì Kẹrin: Eré Ọmọdé Ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Táàmù kejì ni ètò yìí wà fún. Ọmọ 42 ló wà ní 4A tí mo ń kọ́, iye kan náà ló sì wà ní 4B. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sán. Iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn kíláàsì a máa jóni lẹ́sẹ̀ bí oòrùn bá ti mú.

Ohun tí a ń wá

Kí ọmọ lè sáré, kí ó yà bàrá, kí ó má ṣubú. Kí ó lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fò, kí ó fi tòsì náà fò, kí ó sì rọ eékún nígbà tó bá ń balẹ̀. Kí ó lè di ọwọ́ ẹnìkejì mú kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé ẹsẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù lọ fún àwọn ọmọ wa, òun ni mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko sílẹ̀ fún.

Ohun èlò

Àpáàdì tàbí ọmọrí ìgò méje, igi tí a óò fi fa ìlà sílẹ̀, aṣọ ìbojú mẹ́fà, àti omi mímu. A kò nílò fèrè. Orin ló ń bẹ̀rẹ̀ eré, orin náà ló ń parí rẹ̀; ọmọ tó bá ń kọrin kò lè ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́.

Kí a tó jáde

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin rin pápá já, kí wọ́n ṣa àfọ́kù ìgò àti okùn wáyà. Ẹ bi àwọn òbí léèrè nípa ọmọ tí èémí máa ń há àti ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Irú wọn yóò ṣeré, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa mu omi léraléra, kí wọ́n sì sinmi kí ó tó rẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ apèrin bá wọn mu dáadáa, kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí mi ò ní í yí padà: ẹnikẹ́ni tí a bá mú kò gbọdọ̀ jáde lọ jókòó. Ní àdúgbò, ọmọ tí wọ́n bá mú a bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú, òun gan-an ló sì yẹ kó sáré jù. Ẹni tí a bá mú yóò pààrọ̀ ipò, eré á sì máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: Lẹ́jẹ̀

Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan á pè é, “Ewúrẹ́ lẹ́jẹ̀?”, àwọn yòókù á dáhùn pé “Lẹ́jẹ̀!” Bí ó bá pe òkúta, kẹ́kẹ́ á pa. Níbí, ẹsẹ̀ ni a óò fi dáhùn: ohun tó bá lẹ́jẹ̀, ẹ fò sókè, ohun tí kò bá ní, ẹ dúró bí ère. Ẹni tó bá ṣì í ló máa pe èyí tó kàn. Ní Ọjọ́bọ, kí wọ́n di ọwọ́ mú ní mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n tó fò.

Wọn yóò jà lórí ìgbín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á. Omi ara ìgbín ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì fara jọ búlúù, ṣùgbọ́n kí tíṣà sáyẹ́ǹsì ló sọ ọ́ fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta: Ẹkùn mẹ́ran

Ẹ pín wọn sí agbo mẹ́ta, ọmọ 14 nínú agbo kọ̀ọ̀kan: ẹran kan nínú, ẹkùn kan níta, 12 tó di ọwọ́ mú yí ká. Ọ̀kan nínú àwọn 12 ni apèrin. Ó pe “Ẹkùn mẹ́ran”, agbo gbè é, “Mẹ́è!” Kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè fún ẹran láti bọ́ síta, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ fún ẹkùn. Bí wọ́n bá ti kọ orin náà tán lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹkùn kò rí ẹran mú, kí a yan ẹran àti ẹkùn mìíràn.

Ojú gbogbo ènìyàn máa ń wà lára ẹkùn. Ẹ gbójú kúrò lára rẹ̀, ẹ wo agbo. Ẹran tó ń sáré bí ìgalà kò ní í yè bí agbo bá ń sùn, ẹran tí kò lè sáré sì lè pẹ́ nínú agbo tó lajú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò máa gbé ọwọ́ pẹ̀lú ìdágìrì, ẹkùn á ti wọlé. Ẹ má kọ́ wọn ní ọgbọ́n rẹ̀. Ẹ dá eré dúró, kí ẹ bi wọ́n pé: “Ta ló kọ́kọ́ rí ẹkùn? Báwo lẹ ṣe sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín?” Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi fúnra wọn ló rí i pé fífún ọwọ́ ẹnìkejì pẹ́ẹ́ tó láti fi pe ara wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ jẹ́ kí agbo máa yí bí wọ́n ṣe ń kọrin, kí ẹran di méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n ṣe é láìkọrin lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà yẹn ni ẹ óò mọ̀ bóyá orin nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra: kí ọwọ́ má kọjá ìbàdí nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, kó má baà kọ́ ẹkùn lọ́rùn. Ẹkùn kò gbọdọ̀ fi ara já agbo.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: Súwẹ̀ àti teń-teń

Súwẹ̀ méje, ọmọ mẹ́fà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé mẹ́fà nínú ìlà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, kí wọ́n fi tòsì bọ̀. Àwọn ọkùnrin yóò ní eré obìnrin ni. Ẹ ní kí ẹni tó yára jù nínú wọn wá bá ọmọbìnrin kan ta teń-teń lójú gbogbo kíláàsì. Kò ní í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: Bojúbojú

Ọmọ 42 kò lè sá pamọ́ káàkiri nígbà tí kànga àti títì wà nítòsí. Àárín igi máńgòrò àti ògiri ilé ìdáná nìkan ni ààyè wà. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni, ọmọ méje-méje. Ọ̀kan dijú, ọ̀kan tó lajú ń fi ohùn darí rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, àwọn márùn-ún yòókù ló lúgọ. Ẹ ṣe é níwọ̀ǹba ìrìn, kì í ṣe eré sísá. Bí òbí kan bá ní òun kò fẹ́ gbọ́ “Olórò ń bọ̀”, ẹ fi ẹkùn rọ́pò Olórò, eré kò ní í bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: Ọmọ ń kọ́ ọmọ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan eré kan, kí wọ́n sì fi òfin tuntun kan kún un. Ní Ọjọ́bọ, kí wọ́n fi kọ́ àwọn Pírámárì Kejì. Àwa dúró sí ẹ̀gbẹ́, a ń kọ ohun tí a bá rí.

Ẹni tó borí kọ́ la ń fún ní máàkì. Èyí ni mo máa ń wò: Ṣé ó balẹ̀ láìdún gbì? Ṣé ó lè yà sí ọ̀tún àti sí òsì? Ṣé ó di ọwọ́ ẹnìkejì mú títí orin fi parí? Ṣé ó pe ọmọ tó dá dúró wá sínú eré? Máàkì márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀. Ọmọ mẹ́rin péré ni kí ẹ máa wò lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá á fẹ́rẹ̀ẹ́ ká gbogbo wọn, ẹ wá fi ọjọ́ ìkẹyìn kó àwọn ìyókù.

Bí eruku ọyẹ́ bá pọ̀ jù lọ́jọ́ kan, teń-teń àti Lẹ́jẹ̀ ṣeé ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn aṣọ ìbojú wà nínú àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì mi. Ẹ fọ̀ wọ́n kí ọ̀sẹ̀ karùn-ún tó dé.