Ìdánwò Àfẹnusọ fún Kíláàsì Ìtàn: Ogun Àgbáyé Kìíní

Ìwé yìí wà fún àwa olùkọ́ méjì tí a ó jọ dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe rí i ṣáájú ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 20, gbogbo máàkì sì jẹ́ 40. Olùkọ́ kan ni yóò máa béèrè, èkejì yóò máa kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ sílẹ̀ bó ti sọ ọ́ gan-an. Kí oníkálukú kọ máàkì tirẹ̀ kí a tó bá ara wa sọ ohunkóhun, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sábà máa ń fa èkejì sẹ́yìn ara rẹ̀. Bí máàkì wa bá fi ju 3 lọ yàtọ̀ síra, àkọsílẹ̀ ni a ó padà sí.

Ohun tí a ń wá ni bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀rí gbe èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ àwọn ọjọ́ pàtàkì sórí káàdì fún un, tí ẹni tó bá sì ṣi ọjọ́ kan sọ kò fi ní pàdánù ju máàkì 1 lọ.

Ìbéèrè Kìíní (máàkì 5)

"Àwọn orílẹ̀-èdè wo ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, kí ló sì so wọ́n pọ̀?"

Ìbéèrè yìí wà láti fi tú akẹ́kọ̀ọ́ lára. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 3. Ẹni tó bá dárúkọ Jámánì àti Ọ́síríà-Họ́ngárì ní apá kan, tó sì dárúkọ Faransé, Rọ́ṣíà, Gẹ̀ẹ́sì àti Sẹ́bíà ní apá kejì, ti gba 3. Máàkì 2 tó kù wà nínú ìbéèrè àtẹ̀lé yìí: "Ítálì ti bá Jámánì àti Ọ́síríà-Họ́ngárì mulẹ̀ láti ọdún 1882. Kí ló dé tí kò fi bá wọn jagun ní 1914?" Ìdáhùn tó péye ni pé wọ́n ṣe àdéhùn náà láti gbèjà ara wọn bí ẹlòmíràn bá kọlù wọ́n, Ítálì sì gbà pé Ọ́síríà-Họ́ngárì ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá fi kún un pé apá kejì ni Ítálì padà dara pọ̀ mọ́ ní 1915 ti ṣe dáadáa.

Ìbéèrè Kejì (máàkì 15)

Ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì yìí, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú 2 láti kà á. Ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń kà á.

28 oṣù Kẹfà 1914: wọ́n pa Franz Ferdinand, àrólé ọba Ọ́síríà-Họ́ngárì, ní Sarajevo.
5 oṣù Keje: Jámánì ṣèlérí fún Ọ́síríà-Họ́ngárì pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀.
23 oṣù Keje: Ọ́síríà-Họ́ngárì fún Sẹ́bíà ní gbèdéke wákàtí 48.
28 oṣù Keje: Ọ́síríà-Họ́ngárì kéde ogun lé Sẹ́bíà lórí.
30 oṣù Keje: Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ múra.
1 oṣù Kẹjọ: Jámánì kéde ogun lé Rọ́ṣíà lórí.
3 oṣù Kẹjọ: Jámánì kéde ogun lé Faransé lórí.
4 oṣù Kẹjọ: Jámánì wọ Bẹ́ljíọ̀m, Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun lé Jámánì lórí.

"Yan ọjọ́ kan lórí káàdì yìí tí o gbà pé, ká ní wọ́n ṣe ohun mìíràn lọ́jọ́ náà, ìjà náà ì bá má di ogun gbogbo Yúróòpù. Gbèjà ohun tí o yàn."

Kò sí ọjọ́ kan tó jẹ́ ìdáhùn, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ojú yín fi hàn pé ẹ ní èyí tí ẹ fẹ́. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn ni yóò sọ ìbéèrè àtẹ̀lé tí a ó bi í. Bó bá yan 28 oṣù Kẹfà, tí ọ̀pọ̀ yóò yàn, ẹ bi í pé: "Gavrilo Princip yìnbọn lọ́jọ́ yẹn, ogun kò sì bẹ̀rẹ̀ títí oṣù kan fi pé. Kí ni àwọn ìjọba ń ṣe láàárín oṣù yẹn?" Bó bá yan 30 oṣù Keje: "Ètò àwọn ọ̀gágun Jámánì ni pé kí wọ́n tètè ṣẹ́gun Faransé ná, kí wọ́n tó kọjú sí Rọ́ṣíà. Báwo ni ètò yẹn ṣe sọ àṣẹ Rọ́ṣíà di nǹkan mìíràn lójú wọn?" Bó bá yan 4 oṣù Kẹjọ, ẹ béèrè àdéhùn ọdún 1839 lórí Bẹ́ljíọ̀m lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá bi í bóyá ogun tí Rọ́ṣíà, Faransé àti Jámánì ti wọ̀ kì í ṣe ogun Yúróòpù tẹ́lẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó wù kó jẹ́, ẹ fi èyí parí: "Ta ló lè takò ọ́, kí ni yóò sì sọ?" Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà nínú ìwé yìí, èmi gbà pé èyí ló ń ya ẹni tó há ìwé sórí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó mọ ohun tó ń sọ.

Ẹni tó bá yan ọjọ́ kan, tó so ó mọ́ ó kéré tán ọjọ́ méjì mìíràn lórí káàdì, tó sì fi òótọ́ inú sọ ohun tí alátakò yóò sọ kó tó fèsì sí i, yóò gba 13 sí 15. Ẹni tó gbèjà èrò rẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí alátakò tó gbé kalẹ̀ jẹ́ òmùgọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣẹ́gun, yóò gba 9 sí 12. Ẹni tó kàn ń ka káàdì padà fún wa ní ẹsẹẹsẹ wà láàárín 5 sí 8, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni: "Wọ́n pa àrólé, Ọ́síríà bínú, ni gbogbo wọn bá dá sí i." Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí kankan níbẹ̀, 6 ni mo máa fún un.

Ìbéèrè Kẹta (máàkì 8)

"Báwo ni ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ṣe dé Áfíríkà?"

A retí pé yóò dárúkọ ó kéré tán méjì nínú àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso, bíi Tógò àti Kamẹrúùnù, yóò sì sọ ìdí tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi fẹ́ gbà wọ́n (máàkì 4). Ìbéèrè àtẹ̀lé: "Jámánì ti fọwọ́ sí ìdáwọ́ ogun dúró ní 11 oṣù Kọkànlá 1918, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà kò túúbá títí di 25 oṣù náà. Àwọn wo ló ń ru ẹrù fún ogun tó pẹ́ tó báyìí, kí ló sì dé wọn?" Ẹni tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn aláàárù ọmọ Áfíríkà, tí àìsàn àti ebi pa púpọ̀ nínú wọn, yóò gba 4 tó kù.

Ìbéèrè Kẹrin (máàkì 12)

"Abala 231 nínú Àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 ní kí Jámánì gbà pé òun àti àwọn tó bá a jà ló ni ẹ̀bi gbogbo àdánù àti ìbàjẹ́ tí ogun náà fà. Ǹjẹ́ káàdì tí o kà lẹ́ẹ̀kan ṣe ìtìlẹ́yìn fún èyí?"

Akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà, ó lè kọ̀, ó sì lè gba apá kan. Máàkì 6 wà fún bó bá ṣe lo káàdì náà. Ẹ wá bi í pé: "Kí ni wọ́n fẹ́ fi abala náà ṣe?" Ìdáhùn tó gba 3 ni pé òun ni ìpìlẹ̀ owó ìtanràn tí wọ́n bù fún Jámánì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fò tààrà láti Versailles sórí Hitler, ẹ dá a dúró pẹ̀lẹ́: "Láti 1919 sí 1933 jẹ́ ọdún 14. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ láàárín?" Ẹni tó mẹ́nu ba bí owó Jámánì ṣe di yẹpẹrẹ ní 1923, tàbí ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, tó sì so ó mọ́ ọ̀rọ̀ náà, gba 3 tó gbẹ̀yìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá dárúkọ Hitler, ẹ bi í ní ohun tí àdéhùn náà gbà lọ́wọ́ Jámánì dípò èyí. Alsace-Lorraine tí wọ́n dá padà fún Faransé àti ọmọ ogun tí kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 lọ ti tó fún 3 yẹn.

Bí a ó ṣe máa béèrè

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 10 nínú ọkàn yín kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó bá ní kí a tún ìbéèrè sọ kò pàdánù nǹkan kan, ẹni tó ń kólòlò tàbí tó ń wá ọ̀rọ̀ kò sì pàdánù pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ẹnu ara yín dárúkọ ohun tí a ń wá, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ju ìlàjì máàkì apá yẹn lọ, kí ẹni tó ń kọ̀wé sì fi àmì sí i. Nítorí náà, ẹ lo "Ṣàlàyé sí i" tàbí "Kí ló jẹ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀?" kí ẹ tó lo ohunkóhun mìíràn.

Àwọn tó bá ṣe ìdánwò láàárọ̀ yóò sọ fún àwọn tó ń bọ̀ lọ́sàn-án, kò sí bí a ṣe lè dá ìyẹn dúró. Lọ́sàn-án, ẹ fi èyí rọ́pò ìbéèrè àtẹ̀lé lórí Ítálì: "Kí ló mú Amẹ́ríkà wọ ogun ní 1917?" Ìdáhùn tó kún ni ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rì ọkọ̀ láìdá ẹnikẹ́ni sí, àti wáyà tí Jámánì fi ránṣẹ́ sí Mẹ́síkò, máàkì 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè Kejì kò nílò àyípadà, torí pé ẹni tó ti gbọ́ ọ ṣáájú ṣì ní láti gbèjà ọjọ́ tó bá yàn níwájú wa.